Owó Tí Mo Kà Lẹ́ẹ̀mejì

Ọdún kẹta tí mo ti ń ta oúnjẹ ni ìwé kan wọlé sí mi láti ọ́fíìsì owó orí. Ohun tí wọ́n béèrè kò pọ̀: kí n kó àkọsílẹ̀ títà mi, àkọsílẹ̀ ìnáwó mi àti sítétímẹ́ǹtì báǹkì ọdún tó kọjá wá. Ẹ̀rín ni mo rín nígbà tí mo kà á tán. Ìwé kíkọ mẹ́rin ló kún dẹ́múdẹ́mú nínú àpótí mi, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ gbogbo wọn. Kò sí alẹ́ kan tí mo ti ilé ìdáná láìkọ nǹkan sílẹ̀. Mo ní, ta ló tún ṣe dáadáa jù mí lọ?

Àwọn ìwé mẹ́rin yẹn gan-an ló kó bá mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń kọ ọ́, torí mo mọ̀ pé bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ní alẹ́, màá ka owó tó wà nínú àpótí, màá kọ ọ́ síwájú déètì: "Títà òní, iye báyìí." Bí mo bá ti ra nǹkan lọ́jọ́ náà, màá kọ ìyẹn náà sí ẹ̀yìn ìwé, níbi tí mo pè ní ìnáwó. Tírànsífà, mi ò kọ ọ́ lójoojúmọ́. Mo ní ó wà nínú fóònù, báǹkì ń bá mi tọ́jú rẹ̀. Bí oṣù bá parí, màá ṣí àkáǹtì mi, màá ro gbogbo owó tó wọlé pọ̀, màá fi kún owó ọwọ́ tí mo ti kọ, ó parí. Lójú mi, kò sí ibi tí ó kù sí.

Obìnrin tó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi ní ọ́fíìsì owó orí kò le rárá. Ó kàn ń ṣí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ń fi bírò tọ́ka sí sítétímẹ́ǹtì. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, owó yìí tó wọ àkáǹtì yín lọ́jọ́ kẹrìnlá, níbo ló ti wá?" Mo ní owó ọjà ni, èmi fúnra mi ni mo kó o lọ sí báǹkì. Ó ní, "Ṣé kò tíì wà nínú títà tí ẹ kọ nígbà tí ẹ kà á nínú àpótí?" Mo fẹ́ dáhùn, ẹnu mi kò ṣí. Ó wà nínú rẹ̀ ní ti pé òun náà ni mo kà ní alẹ́ tó ṣáájú. Ní òpin oṣù mo tún rò ó pọ̀ mọ́ tírànsífà. Owó kan náà, mo ti sọ ọ́ di méjì.

Kò dúró síbẹ̀. Ó mú rìsíìtì ike oúnjẹ tí mo rà, ó rò ó: ike 6,000 ni mo rà láàárín ọdún yẹn. Ó wá pín títà tí mo kọ fún iye tí mo ń ta ike kan. Ohun tó jáde kò ju 4,100 lọ. Ó béèrè pé àwọn 1,900 tó kù ńkọ́? Mo ní àwọn kan fọ́, a fi àwọn kan bu oúnjẹ fún àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́, a gbé àwọn kan lọ sílé, àwọn kan ṣì wà nílẹ̀. Ó ní, "Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Níbo ni ẹ kọ ọ́ sí?"

Ó yẹ kí ẹ mọ èyí: ẹni tó ń yẹ ìwé olóúnjẹ wò kò nílò láti bá yín jiyàn lórí ohun tí ẹ tà. Ohun tí ẹ rà ni yóò wò. Ike, gáàsì, ẹran, ohunkóhun tó bá ní iye pàtó tó ń bá oúnjẹ kan jáde, ó lè fi í wọn títà yín. Ó sì tún lè ro gbogbo owó tó wọ báǹkì yín pọ̀, kó pè é ní títà, àyàfi èyí tí ẹ bá lè fi ìwé hàn pé kì í ṣe títà. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó fún un níbẹ̀. Ẹ̀rí ló ń béèrè, ọwọ́ yín ló sì yẹ kí ẹ̀rí náà wà.

Wọ́n fún mi ní àkókò díẹ̀ kí n lọ tún ìwé náà ṣe. Mo jáde, mo jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ohun tó dùn mí jù ni pé mi ò jalè, mi ò sì parọ́, síbẹ̀ bí mo ṣe ń dáhùn, bí òpùrọ́ ni mò ń dún létí ara mi.

Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìṣirò owó. Òun ni mo kó ìwé mi tọ̀ lọ. Ojú ewé méjì péré ló ṣí tó fi pa á dé. Ó ní, "Àbúrò, ìwọ ò tíì kọ títà rí láti ọjọ́ tó o ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ṣẹ́kù nínú àpótí lò ń kọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn dà bí ìgbà tí wọ́n ṣí fèrèsé. Owó tó ṣẹ́kù ní alẹ́ kọ́ ni owó tó wọlé láàárọ̀ títí di alẹ́. Mo ti mú níbẹ̀ san owó gáàsì. Mo ti mú níbẹ̀ ra èròjà. Mo ti mú níbẹ̀ fún ọmọ. Mo wá ń ka èyí tó kù, mò ń pè é ní títà. Èyí tó tún burú ni pé mo kọ owó gáàsì náà sí ẹ̀yìn ìwé bí ìnáwó. Nígbà tí mo bá wá yọ ìnáwó kúrò nínú títà láti mọ èrè, mo ti yọ owó gáàsì lẹ́ẹ̀mejì: ó ti yọ ara rẹ̀ kúrò nínú àpótí kí n tó kà á, èmi náà tún wá yọ ọ́ nínú ìwé. Ìyẹn ló fa á tí ìwé mi fi ń sọ láwọn oṣù kan pé mò ń pàdánù, tí n ó sì máa sunkún lóru, nígbà tí ọjà ń lọ.

Ẹ̀gbọ́n ní kí n rántí ọjọ́ kan pàtó, ọjọ́ tí mi ò tíì gbàgbé ohunkóhun nínú rẹ̀. Mo mú ọjọ́ tó ṣáájú. A jókòó, a tú u palẹ̀ báyìí.

Kí n tó ṣí lówùúrọ̀, ṣẹ́ńjì 5,000 ni mo fi sínú àpótí. Láàárín ọjọ́, mo mú 8,000 ra gáàsì, mo mú 12,000 ra èròjà tó tán lójijì, mo fún ẹni tó bá mi gbé oúnjẹ lọ fún oníbàárà ní 2,000. Àpapọ̀ ìyẹn jẹ́ 22,000. Mo mú 6,000 fún ọmọ mi tó ní ohun tó fẹ́ san níléèwé. Lọ́sàn-án, mo rí i pé owó ti pọ̀ jù nínú àpótí, ni mo bá kó 20,000 lọ sí báǹkì. Nígbà tí mo ti ilẹ̀kùn, mo ka owó, 31,000 ló wà níbẹ̀.

Nínú ìwé mi, 31,000 ni mo kọ: "Títà òní."

Ẹ̀gbọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí mo kà, kí n wá dá gbogbo ohun tó ti jáde padà sínú rẹ̀, kí n yọ ṣẹ́ńjì tó ti wà níbẹ̀ kí n tó ta nǹkan kan. Bó ṣe kọ ọ́ fún mi nìyí, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri títí dòní:

```
Títà owó ọwọ́ = owó tí mo kà ní alẹ́
              + ohun tí mo fi rajà láti inú àpótí
              + ohun tí mo mú fún ara mi
              + ohun tí mo kó lọ sí báǹkì nínú owó ọjọ́ náà
              - ṣẹ́ńjì òwúrọ̀
```

31,000, fi 22,000 kún un, fi 6,000 kún un, fi 20,000 kún un, ó di 79,000. Yọ 5,000. Títà owó ọwọ́ lọ́jọ́ yẹn jẹ́ 74,000. Mo tún un rò lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ju ìlọ́po méjì ohun tí mo kọ lọ.

Bí ẹ bá ti fi owó tiyín kún àpótí láàárín ọjọ́, bóyá ṣẹ́ńjì tán, ẹ ní láti yọ ìyẹn náà, torí kì í ṣe oníbàárà ló mú un wá. Èyí ni èmi ń gbàgbé jù lọ títí di báyìí.

A wá kọjú sí báǹkì. Owó tó wọ àkáǹtì mi lọ́jọ́ yẹn jẹ́ 63,000. Ẹ̀gbọ́n ní kí n dárúkọ ìlà kọ̀ọ̀kan, kí n má kàn rò ó pọ̀. 20,000 nínú rẹ̀ ni èyí tí èmi fúnra mi kó lọ lọ́sàn-án. 10,000 jẹ́ ti àbúrò mi tó ń san owó tó yá lọ́wọ́ mi padà. 3,000 jẹ́ ti oníbàárà kan tó jẹun ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ yẹn, tí tírànsífà rẹ̀ kò wọlé títí ilẹ̀ fi mọ́. 8,000 jẹ́ àsansílẹ̀ fún oúnjẹ tí n ó sè lọ́jọ́ Sátidé. Nígbà tí a yọ gbogbo ìyẹn, 22,000 péré ló jẹ́ owó oúnjẹ tí mo tà lọ́jọ́ náà nípa tírànsífà. Ẹnì kan tún jẹ oúnjẹ 2,500, ó fi fóònù rẹ̀ hàn mí pé òun ti fi ránṣẹ́, kò sì tíì dé. Ìyẹn jẹ́ oúnjẹ tó ti jáde, a kọ ọ́ sí gbèsè. 22,000 àti 2,500, ó di 24,500.

Nígbà tí a wá pa méjèèjì pọ̀, títà ọjọ́ náà jẹ́ 98,500.

Ibi tí mo ti bú sẹ́rìn-ín ni ìgbà tí ẹ̀gbọ́n bi mí pé èló ni ọ̀nà àtijọ́ ìbá fún mi. Mo ro ó: 31,000 àti 63,000, ó jẹ́ 94,000. Kò jìnnà sí òótọ́! Inú mi dùn, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí i pé mo gbìyànjú." Ó wò mí sàn-án. Ó ní ohun tó jẹ́ kí n máa rìn nínú òkùnkùn fún ọdún mẹ́ta nìyẹn. Àṣìṣe kan ń fa iye náà wálẹ̀, èkejì ń tì í lọ sókè, wọ́n wá pàdé lágbedeméjì, mo rò pé ó tọ́. Lọ́jọ́ tí mi ò bá kó owó lọ sí báǹkì, tí mo sì rajà púpọ̀, ìwé á sọ pé mo tà díẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo bá kó owó ọjọ́ mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ìwé á sọ pé mo tà bí ọlọ́jà àgbà. Obìnrin ọ́fíìsì owó orí kò nílò ju ọ̀sẹ̀ méjì nínú ìwé mi lọ láti rí i pé wọn kò jọ ara wọn.

Ọ̀rọ̀ kan wà lórí àsansílẹ̀ àti gbèsè tí mo fẹ́ ṣàlàyé, torí ó dà mí láàmú. Ọ̀nà méjì ni wọ́n máa ń gbà kọ títà. Èkíní, ọjọ́ tí oúnjẹ bá jáde ni ẹ ó kọ ọ́, ì báà jẹ́ pé wọ́n ti sanwó tàbí wọn ò tíì san. Èkejì, ọjọ́ tí owó bá wọlé ni ẹ ó kọ ọ́. Bí a bá lo ọ̀nà kejì fún ọjọ́ yẹn, 3,000 oúnjẹ ọjọ́ tó ṣáájú àti 8,000 Sátidé yóò wọlé sínú títà, 2,500 tí kò tíì dé yóò dúró. Òfin ibi tí ẹ wà ló máa sọ èyí tí ẹ lè lò fún owó orí, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì owó orí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tó burú ni kí ẹ máa fò láti orí ọ̀kan bọ́ sí èkejì láàárín ọdún, torí owó kan yóò wọ inú ìwé lẹ́ẹ̀mejì tàbí kó má wọ̀ ọ́ rárá. Ní tèmi, mo máa ń kọ oúnjẹ tó jáde lójoojúmọ́ kí n lè mọ̀ bóyá owó pé, mo sì fi òpó kan sílẹ̀ nínú ìwé fún owó tó wọlé gan-an. Èyí tó bá jẹ́ pé òun ni wọ́n gbà lọ́dọ̀ wọn, n ó rí i fà yọ.

Ó gbà mí ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti tún ọdún kan kọ, mi ò sì lè sọ pé mo rí gbogbo rẹ̀. Sítétímẹ́ǹtì ló rọrùn díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àkáǹtì kan ṣoṣo ni mo ń lò fún ilé àti ọjà. Owó àjọ wà níbẹ̀, ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí wà níbẹ̀, owó tí ìyá mi ní kí n bá òun ra oògùn wà níbẹ̀. Mo ní láti máa pe àwọn ènìyàn lórí fóònù: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí owó tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi ní oṣù kẹta?" Àwọn kan rò pé mo fẹ́ sin wọ́n ní gbèsè. Owó tí mo yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù náà wọ ibẹ̀, tí mo ti kọ sí títà! Owó yíyá kì í ṣe títà, bẹ́ẹ̀ ni owó tí mo ń dá padà kì í ṣe ìnáwó ọjà. Èlé orí rẹ̀ nìkan ló jẹ́ ìnáwó. Ìwé àdéhùn tí mo fi yá a ló gbà mí lórí ìyẹn.

Ní ọjọ́ tí mo parí ti báǹkì ni mo ṣí àkáǹtì mìíràn tí ọjà nìkan ń lò. Nọ́ńbà rẹ̀ nìkan ló wà lára ògiri níwájú àwọn oníbàárà. Bí ẹbí bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́, àkáǹtì ilé ni mo ń fún wọn. Bí mo bá fẹ́ náwó ilé, mo máa ń fi iye kan ránṣẹ́ láti àkáǹtì ọjà sí ti ilé, mo sì ń kọ ọ́ sí "owó tí mo mú." Owó tí olówó ọjà bá mú fún ara rẹ̀ kì í ṣe ìnáwó ọjà. Ó pẹ́ kí èyí tó yé mi. Mo rò pé owó iṣẹ́ mi ni. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n bá ń gba owó orí lórí èrè ẹni tó ń dá ṣòwò, èrè ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣírò, kí ẹ tó mú tiyín nínú rẹ̀.

Owó ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi káàdì san náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Oníbàárà san 1,000, ohun tó wọ àkáǹtì lè jẹ́ 990, torí wọ́n ti yọ owó tiwọn. Ẹ má kọ 990. Ẹ kọ títà 1,000, kí ẹ kọ 10 sí ìnáwó báǹkì. Bí ẹ bá kọ 990, iye oúnjẹ tó jáde kò ní bá iye títà mu láéláé, ẹ ó sì máa fura sí àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́ lórí ohun tí wọn kò mú.

Apá ìnáwó ló nira jù. Àwọn rìsíìtì tí ẹ̀rọ ń tẹ̀, tí bébà wọn ń dán, mo ti kó wọn sínú ọ̀rá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Nígbà tí mo máa fi tú u, ọ̀pọ̀ wọn ti funfun báláú, kò sí lẹ́tà kan lára wọn. Ooru ló ń pa irú bébà yẹn; bó bá tiẹ̀ jìnnà sí iná, ó ń ṣá bí ọjọ́ ti ń lọ. Mo pàdánù ẹ̀rí owó tó pọ̀ níbẹ̀, owó tí mo ná lóòótọ́. Ní báyìí, ọjọ́ tí mo bá gba rìsíìtì ni mo ń ya á ní fọ́tò, mo sì ń fi bírò kọ déètì àti iye rẹ̀ sí orí bébà tí mo lẹ̀ ẹ́ mọ́.

Àwọn tí mò ń ra èròjà lọ́wọ́ wọn kì í fúnni ní rìsíìtì. Ẹ̀gbọ́n ní kí n ra ìwé kékeré kan, kí n máa kọ tiwa fúnra wa: déètì, ohun tí mo rà, ìwọ̀n rẹ̀, iye tí mo san, orúkọ ẹni tó tà á, kí ẹni náà sì fọwọ́ sí i. Kò ní agbára tó rìsíìtì gidi, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n má gba gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí a kọ lọ́jọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí a jókòó kọ lẹ́yìn ọdún kan. Ẹni tó ti yẹ ìwé wò pẹ́ máa ń mọ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Bí bírò kan náà bá kọ oṣù mẹ́fà, tí ọwọ́ kò yí padà, tí àbàwọ́n òróró kankan kò sí lórí rẹ̀, ẹni náà ti mọ̀ pé alẹ́ kan ni wọ́n kọ ọ́. Ìwé tèmi báyìí, òróró pọ̀ lára rẹ̀.

Mo padà lọ. Wọ́n gba púpọ̀ nínú àtúnṣe náà, wọn kò gba gbogbo rẹ̀. Ìnáwó tí rìsíìtì rẹ̀ ti ṣá, wọ́n yọ ọ́ kúrò, ó wá dà bí ẹni pé èrè mi pọ̀ ju bó ṣe rí lọ. Fíríìjì ńlá tí mo rà lọ́dún yẹn, mo ti yọ owó rẹ̀ pátá gẹ́gẹ́ bí ìnáwó. Wọ́n ní ohun tí n ó máa lò fún ọdún púpọ̀ ni, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi ń yọ ọ́ lọ́dọ̀ wọn. Mo san owó orí tó kù, mo sì san ìtanràn lé e. Ó dùn mí, ó sì fa ọjà mi sẹ́yìn fún oṣù mélòó kan.

Láti ìgbà yẹn, mi ò kì í ti ilẹ̀kùn láìṣe ìṣirò alẹ́. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Oúnjẹ kọ̀ọ̀kan tó bá jáde ní tíkẹ́ẹ̀tì kékeré tó ní nọ́ńbà. Lára rẹ̀ ni ẹni tó bu oúnjẹ yóò ti fi àmì sí i: "O" fún owó ọwọ́, "T" fún tírànsífà, "G" fún gbèsè. Mi ò ń gba àwòrán ojú fóònù oníbàárà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí mọ́. Àkáǹtì mi ni mo ń wò, bí owó kò bá tíì sí níbẹ̀, "G" ni, títí yóò fi dé. Ní alẹ́, mo ń ro tíkẹ́ẹ̀tì pọ̀, mo ń ṣe ìṣirò ara ògiri yẹn, mo ń to tírànsífà ní ìlà kọ̀ọ̀kan, mo sì ń wò ó bóyá wọ́n bá ara wọn mu.

Wọn kì í sábà bá ara wọn mu géérégé. Ọjọ́ tí a fi ṣe àpẹẹrẹ yẹn, ká ní tíkẹ́ẹ̀tì wà nígbà náà tí àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 100,000, a jẹ́ pé 1,500 ló sọnù. Ohun tí mo máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni pé màá fi owó ara mi dí i kí ìwé lè lẹ́wà. Ẹ má ṣe é. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀: "kò pé, 1,500." Bí ẹ bá dí i, ẹ ò ní mọ̀ láé bóyá ó máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan pàtó.

Bí mo ṣe mọ̀ nípa ike nìyẹn. Mò ń ka ike láàárọ̀ àti ní alẹ́, mo sì ń kọ èyí tó fọ́ àti èyí tí àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ fi jẹun. Síbẹ̀, ní gbogbo Sátidé, ike mẹ́ta tàbí mẹ́rin ń lọ láìní tíkẹ́ẹ̀tì. Ọmọbìnrin kan wà tó ń bá mi bu oúnjẹ ní Sátidé. Ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Mi ò sọ nǹkan, ṣùgbọ́n ojú mi ti ń yí padà sí i, ó sì mọ̀. Ó bi mí nígbà kan pé, "Mà, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?" Mo ní rárá o.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni mo lọ jókòó sí ẹ̀yìn ilé ìdáná. Nǹkan bí aago mẹ́rin, bàbá àwọn ọmọ mi gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé, ó bu ike kan fún ara rẹ̀, ó bu mẹ́ta fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń wo bọ́ọ̀lù, ó sì ń jáde lọ jẹ́jẹ́. Mo ní, "Baba, tíkẹ́ẹ̀tì dà?" Ó ní, "Tíkẹ́ẹ̀tì kí ni? Ṣebí ilé wa ni."

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọbìnrin yẹn lọ́jọ́ náà. Mo wá la òpó tuntun sínú ìwé, mo kọ "oúnjẹ ilé" sórí rẹ̀, mo fi bírò kan so mọ́ ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, ọkọ mi ló ń kọ ọ́ fúnra rẹ̀, ó tilẹ̀ ń kọ orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí i.